Fítámì K àti wáfárínì: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn tí dókítà kọ wáfárínì, oògùn tó ń dènà kí ẹ̀jẹ̀ dì, fún, àti àwọn ọmọ tó ń tọ́jú wọn, ló máa ń béèrè àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Mo tò wọ́n bí ọ̀kan ṣe ń fa èkejì, nítorí náà yóò dáa kí ẹ kà á láti òkè wá. Gbogbo rẹ̀ pátá dá lórí ohun kan: wáfárínì kì í fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀. Inú ẹ̀dọ̀ ló ti ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, fítámì K ló sì ń dí lọ́wọ́ níbẹ̀.

Kí ni fítámì K ń ṣe gan-an tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì?

Fítámì K fúnra rẹ̀ kì í mú ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe àwọn pùrótéènì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, tó sì ń tú wọn sínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á máa bá ẹ̀jẹ̀ yí kiri láìṣe nǹkan kan, àfi ìgbà tí ara bá gbọgbẹ́. Nọ́ńbà ni àwọn dókítà fi ń pè wọ́n. Mẹ́rin nínú wọn ni ọ̀rọ̀ fítámì K kàn: èkejì, èkeje, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá. Bí ẹ bá rí i lórí ìwé, báyìí ni wọ́n ń kọ ọ́: èròjà II, VII, IX, X.

Nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá kọ́kọ́ to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, iṣẹ́ ò tíì parí lórí wọn. Níbi ìbẹ̀rẹ̀ pùrótéènì kọ̀ọ̀kan, èròjà kan wà tó ń jẹ́ gílútámétì, tó tò síbẹ̀ ní mélòó kan. Lára èròjà II, mẹ́wàá ni wọ́n. Gílútámétì kọ̀ọ̀kan ní ásíìdì kan ṣoṣo ní ṣóńṣó rẹ̀. Ẹ́ńsáìmù kan nínú ẹ̀dọ̀ ló máa ń fi ásíìdì kejì kún un. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáìdì ló fi ń ṣe é, ó sì ń lo ọ́síjìn, ṣùgbọ́n agbára tó fi ń ṣiṣẹ́ yìí, ọwọ́ fítámì K ló ti ń gbà á.

Ásíìdì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yìí lè di kálísíọ̀mù mú, ọ̀kan ṣoṣo kò lè dì í mú dáadáa. Kálísíọ̀mù ló sì ń so pùrótéènì mọ́ ojú ọgbẹ́. Bí ọ̀bẹ bá bu yín lọ́wọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní pílétílẹ́ẹ̀tì yóò kó ara jọ síbẹ̀, wọ́n á yí ọ̀rá tó wà ní inú awọ wọn síta, kálísíọ̀mù yóò sì lẹ̀ mọ́ ọ̀rá náà. Ibẹ̀ ni èròjà X ti ń pàdé èròjà II, tó sì ń sọ ọ́ di tírọ́ńbìnì, tírọ́ńbìnì á wá hun fáíbírínì, ìyẹn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń di ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Lójú ọgbẹ́ yìí, iṣẹ́ náà ń yá ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún ju bí ì bá ti rí tí wọ́n bá kàn ń léfòó kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn náà ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì káàkiri gbogbo ara nítorí ìka kan ṣoṣo tó bó.

Ọdún 1974 ni wọ́n tó mọ ọ̀rọ̀ ásíìdì kejì yìí. Johan Stenflo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Súwídìn fi èròjà II láti ara màlúù tó jẹ oògùn tó ń ṣe bíi wáfárínì wé ti màlúù tí kò jẹ ẹ́. Èròjà náà wà lára àwọn méjèèjì. Àmọ́ ti màlúù tó jẹ oògùn kò lè di kálísíọ̀mù mú.

Fítámì K tí à ń jẹ lójoojúmọ́ kò tó nǹkan. Báwo ló ṣe ń tó fún gbogbo iṣẹ́ yìí?

Àgbàlagbà kò nílò ju 90 sí 120 máíkírógíráàmù lóòjọ́, èyí tó kéré gan-an. Ó ń tó nítorí pé ara kì í lò ó lẹ́ẹ̀kan kó sọ ọ́ nù.

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń ta mínírà onígò. Bí ẹ ò bá mú ìgò òfìfo wá, wọn ò ní fún yín ní èyí tó kún, torí ìgò yẹn ni wọ́n máa tún rọ mínírà sí. Bí fítámì K ṣe rí nìyẹn. Gbogbo ìgbà tó bá ti fi agbára rẹ̀ ṣe ásíìdì kejì kan, ó ti di òfìfo. Ẹ́ńsáìmù mìíràn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ VKOR, ni yóò gba òfìfo yẹn, tí yóò tún un rọ, tí yóò sì dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìgò díẹ̀ ló wà nínú ẹ̀dọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í dúró.

Kí wá ni wáfárínì ń ṣe?

Ó ń dí VKOR lọ́wọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfìfo á máa pọ̀ sí i, èyí tó kún á máa dín kù, ẹ́ńsáìmù tó ń fi ásíìdì kejì sí i kò ní rí ohun tí yóò fi ṣiṣẹ́.

Ẹ̀dọ̀ kò ní tìtorí èyí dáwọ́ dúró. Yóò ṣì máa ṣe èròjà II, VII, IX àti X, yóò ṣì máa tú wọn sínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni kò pé. Wọ́n á dé ojú ọgbẹ́, wọn ò ní lè lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ràn bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ pé wáfárínì ń “fọ ẹ̀jẹ̀” tàbí pé ó ń “mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn bí omi”. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lò ó kò fúyẹ́ ju ti ẹlòmíràn lọ. Bí ẹ bá bu ẹ̀jẹ̀ sínú ife, tí ẹ sì da wáfárínì lé e, yóò dì bó ṣe máa ń dì. Hẹ́párínì tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ ni kò ní jẹ́ kó dì, torí inú ẹ̀jẹ̀ gan-an ni tirẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Wáfárínì kò sì lè tú ẹ̀jẹ̀ tó ti dì tẹ́lẹ̀. Kò ní jẹ́ kó tún tóbi sí i ni, ara fúnra rẹ̀ ló máa tú u díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n ní májèlé eku ni. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, kò sì yẹ kó bà yín lẹ́rù.

Láàárín ọdún 1920 sí 1930, màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní Kánádà àti ní àríwá Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá gé ìwo ọ̀kan tàbí tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní dá mọ́. Koríko kan tí wọ́n ń kó pamọ́ fún wọn láti jẹ nígbà òtútù ló bu, tó hu èébú. Èébú yẹn ló ti sọ èròjà kan tí kò léwu nínú koríko náà di nǹkan mìíràn. Ní oṣù kejì ọdún 1933, àgbẹ̀ kan la yìnyín kọjá dé yunifásítì Wisikọ́ńsìn. Ó gbé òkú màlúù kan wá, pẹ̀lú koríko náà àti garawa ẹ̀jẹ̀ tó kọ̀ tí kò dì. Ọ̀dọ̀ Karl Link, onímọ̀ kẹ́míkà kan níbẹ̀, ló bá a dé. Ó gba Link àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní bí ọdún mẹ́fà kí wọ́n tó rí èròjà náà yọ jáde. Nígbà tó yá, wọ́n tún un ṣe, ó wá lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún pípa eku ní 1948.

Ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan ló jẹ́ kí ojú àwọn dókítà là. Ní 1951 ó jẹ májèlé eku yìí láti fi pa ara rẹ̀. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n fún un ní fítámì K, ara rẹ̀ sì yá. A jẹ́ pé oògùn tó ní aporó tó dájú ni. Ní 1954 wọ́n fọwọ́ sí i fún èèyàn, ní 1955 sì ni Ààrẹ Eisenhower lò ó nígbà tí àìsàn ọkàn kọ lù ú.

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ìyá mi ti ń lò ó, wọ́n ṣì ń gún un ní abẹ́rẹ́ hẹ́párínì. Ṣé oògùn náà ò ṣiṣẹ́ ni?

Ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn èròjà tó pé, tó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ màmá kó tó gbé oògùn àkọ́kọ́ mì, ni à ń dúró dè pé kó tán, torí wáfárínì kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Wọn kì í sì í tán lẹ́ẹ̀kan náà. Èròjà VII ló ń yára tán jù: láàárín wákàtí mẹ́fà, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Èròjà II ló ń pẹ́ jù: ó ń gbà tó 60 wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ìdajì rẹ̀ tó lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní ẹ̀dọ̀ dáwọ́ dúró pátápátá lónìí. Bó bá di àkókò yìí lọ́la, wákàtí mẹ́rìnlélógún ti kọjá, èròjà VII ti pín sí méjì lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ti ku ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún. Èròjà II ńkọ́? Bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún gbáko ló máa tó ku ìdá kan nínú mẹ́rin. Nínú ara èèyàn ó tún pẹ́ jù báyìí lọ, torí wáfárínì kì í dá ẹ̀dọ̀ dúró tán.

Èyí ló fa nǹkan tó máa ń tan èèyàn jẹ. Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń mọ bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́ tètè máa ń gbọ́ tí èròjà VII bá dín kù. Nítorí náà ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ìwé àyẹ̀wò lè ti máa sọ pé ó ti dáa, nígbà tí èròjà II, tí tírọ́ńbìnì ń ti ara rẹ̀ jáde, ṣì pọ̀. Pùrótéènì mìíràn tún wà, tó ń jẹ́ pùrótéènì C. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì jù, fítámì K náà ló sì ń parí rẹ̀. Òun náà tètè máa ń tán, ní bíi wákàtí mẹ́jọ sí ìdajì. Fún ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, ohun tó ń dènà dídì ti lọ, ohun tó ń fa dídì ṣì wà. Bí wọ́n bá fún èèyàn ní wáfárínì púpọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ láìsí hẹ́párínì, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ abẹ́ awọ ara, kí awọ ibẹ̀ sì dúdú kó kú, pàápàá ní ọmú, itan àti ìdí. Kì í ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n ó burú.

Nítorí náà wọn kì í dá hẹ́párínì dúró kó tó pé ọjọ́ márùn-ún ó kéré tán, tí INR náà á sì ti wà ní 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún odindi ọjọ́ kan.

Kí ni INR yìí?

Ìwọ̀n àsìkò tí ẹ̀jẹ̀ yín fi ń dì ni, tí a fi wé ti ẹni tí kò lo oògùn. Inú ìgò kékeré onídèérí búlúù ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ náà sí. Èròjà kan ti wà nínú rẹ̀ tó ń gba kálísíọ̀mù kúrò kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì lọ́nà. Ní láàbù, wọ́n á dá kálísíọ̀mù padà sí i pẹ̀lú ohun tó ń ru dídì sókè, wọ́n á sì ka ìṣẹ́jú àáyá. Bí ti ẹlòmíràn bá gba 12, tí tiyín gba 30, tiyín jẹ́ ìlọ́po méjì àbọ̀. Nítorí pé ohun èlò láàbù kan yàtọ̀ sí òmíràn, wọ́n á ṣe àtúnṣe sí i kó lè bá ti gbogbo ayé mu, ohun tó bá sì jáde ni INR.

Ẹni tí kò lo oògùn máa ń wà ní bíi 1. Fún ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú iṣan ẹsẹ̀ tàbí ọkàn tó ń lù ségesège, 2 sí 3 ni wọ́n ń fẹ́. Fún fáàfù onírin tí wọ́n fi sí apá òsì ọkàn láàárín ìyẹ̀wù òkè àti ti ìsàlẹ̀, 2.5 sí 3.5 ni.

Ẹ ṣọ́ ìgò onídèérí búlúù yẹn. Ó níbi tí ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ dé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kéré nínú rẹ̀, èròjà tó ń gba kálísíọ̀mù á pọ̀ jù ú lọ, INR á sì jáde ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bí nọ́ńbà bá ṣàdédé fò sókè láìnídìí, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fa òmíràn kí wọ́n tó yí oògùn padà.

Bàbá mi ń lo wáfárínì. Ṣé kí wọ́n má jẹ ẹ̀fọ́ mọ́ nìyẹn?

Kí wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n kàn gbọ́dọ̀ máa jẹ ẹ́ ní ìwọ̀n kan náà ni.

Inú ewé tútù ni fítámì K pọ̀ sí jù. Bí ewé bá ṣe dúdú tó ni ó máa ń pọ̀ tó: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ugwú, ewúro. Nínú 100 gíráàmù ẹ̀fọ́ tí àwọn òyìnbó ń pè ní sípínáàṣì, fítámì K tó wà níbẹ̀ lé ní 400 máíkírógíráàmù, èyí tó ju ohun tí àgbàlagbà nílò lóòjọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ilá kò ní tó bẹ́ẹ̀, iṣu àti ìrẹsì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní in rárá. Iná kì í pa á, nítorí náà sísè kò dín in kù tó bí àwọn kan ṣe rò. Epo ló sì ń gbé e wọlé sára, torí inú ọ̀rá ló ti ń yòrò. Ẹ̀fọ́ rírò tó ní epo dáadáa yóò fún bàbá ní fítámì K ju ewé kan náà tí wọ́n jẹ láìsí epo lọ.

Dókítà ti wo bí INR ṣe rí pẹ̀lú oúnjẹ tí bàbá máa ń jẹ, ó sì wọn oògùn sí i. Bí wọ́n bá ṣàdédé gbé ẹ̀fọ́ jù sílẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù, ìgò tó kún á dín kù sí i, oògùn tí kò pọ̀ tẹ́lẹ̀ á di àpọ̀jù. Èyí tí mo rí pé ó máa ń ṣe àwọn èèyàn wa ní ìjàmbá kì í ṣe ẹ̀fọ́ jíjẹ. Àìjẹun ni: ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ, àìsàn tí kò jẹ́ kí ẹnu gba nǹkan ju ògì lọ, irin-àjò tó jẹ́ búrẹ́dì àti tíì lèèyàn ń jẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ gbààwẹ̀, kí wọ́n sọ fún dókítà ṣáájú, kí wọ́n sì ṣe INR láàárín rẹ̀.

Èmi ò lo wáfárínì. Bí mo bá jẹ ẹ̀fọ́ púpọ̀, ṣé ẹ̀jẹ̀ mi ò ní dì jù?

Rárá o. Bí gbogbo gílútámétì tó yẹ kó ní ásíìdì kejì bá ti ní in, kò sí ibòmíràn tí fítámì K tó kù máa fi í sí.

Ìyá wa tó ní fáàfù onírin lo Fílájìlì fún inú rírun, ẹ̀jẹ̀ wá ń jáde ní èrìgì wọn. Kí ló fa èyí?

Èyí wọ́pọ̀ débi pé ó yẹ ká tú u palẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní màmá ń lo wáfárínì 5 mílígíráàmù lálaalẹ́, INR wọn sì ti dúró sí 2.9 fún oṣù mélòó kan. Inú ń run wọ́n, wọ́n ń ṣu gbuuru. Wọ́n ra Fílájìlì 400 mílígíráàmù ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísítì, wọ́n ń lo ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ògì nìkan ni wọ́n sì ń mu. Ní ọjọ́ kẹfà, bí wọ́n ṣe ń fọ eyín ni ẹ̀jẹ̀ ń jáde, ojú ibi tí wọ́n ti gbá apá mọ́ ìlẹ̀kùn dúdú, ó sì fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. INR di 7.6.

Fílájìlì kò ṣe fítámì K ní nǹkan kan tó pọ̀. Wáfárínì gan-an ló mú. Oríṣi méjì ló pọ̀ mọ́ra nínú oògùn wáfárínì, ọ̀kan lágbára ju èkejì lọ dáadáa. Ẹ́ńsáìmù tí ẹ̀dọ̀ fi ń pa èyí tó lágbára run ni Fílájìlì dí lọ́wọ́. Nítorí náà 5 mílígíráàmù tí màmá ń lò kò yí padà, ṣùgbọ́n èyí tó kù sínú ara wọn lójoojúmọ́ ń pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ògì ò ní fítámì K, inú tó ń ṣu gbuuru kò sì gba ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀. VKOR dì pa lápá kan, ìgò tuntun ò wọlé lápá kejì.

Sẹ́pítírìn àti fulukónásólù tí wọ́n fi ń wo àrùn olú náà máa ń ṣe bíi Fílájìlì. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ rifampísìnì ń ṣe òdìkejì: ó ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára pa wáfárínì run, INR á wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì sí fáàfù. Asipirínì, áíbúpúrófẹ̀nì àti dáíkúlófínákì ní tiwọn kò nílò láti gbé INR sókè kí wọ́n tó ṣe jàǹbá. Wọ́n ń ba iṣẹ́ pílétílẹ́ẹ̀tì jẹ́, wọ́n sì ń dá egbò sí inú ikùn. INR lè jẹ́ 2.5 kí èèyàn sì máa ya ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà. Àgbo náà wà níbẹ̀: kò sí ẹni tó wọn ohun tó wà nínú ìgò kan bá ti ìgò kejì mu, bẹ́ẹ̀ ohun tí wáfárínì ń fẹ́ ni pé kí nǹkan má yí padà.

Kí ni wọ́n á wá ṣe fún màmá? Ṣé kí wọ́n gún fítámì K fún wọn kíá?

Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè nípa orí fífọ́ líle, ìgbẹ́ dúdú, ìtọ̀ tó pọ́n bíi sóbò, àti bóyá wọ́n ṣubú. Bí kò bá sí ìkankan, wọ́n á dá wáfárínì dúró, wọ́n á sì fún wọn ní fítámì K tó kéré, bíi 1 sí 3 mílígíráàmù. Wọ́n á tún INR ṣe lọ́jọ́ kejì. Bó bá ti wálẹ̀ sí abẹ́ 5, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ wáfárínì.

Kí ló dé tí wọn ò fún wọn ní odindi ampúùlù 10 mílígíráàmù? Torí pé ọ̀nà mìíràn wà nínú ẹ̀dọ̀ tó lè rọ fítámì K, tí wáfárínì kò lè dí. Ọdún 2022 ni wọ́n tó dá ẹ́ńsáìmù ọ̀nà yẹn mọ̀. Fítámì K inú oúnjẹ kéré jù fún un, ṣùgbọ́n bí mílígíráàmù mẹ́wàá bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà yẹn á gbà á, ẹ̀dọ̀ á máa ṣe èròjà tó pé, yóò sì ṣòro fún wáfárínì láti tún ṣiṣẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí ara fáàfù onírin.

Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ọpọlọ tàbí nínú ikùn, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Wọ́n á fún wọn ní 5 sí 10 mílígíráàmù díẹ̀díẹ̀ nínú iṣan, ṣùgbọ́n wọn ò ní gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan. Fítámì K ń fún ẹ̀dọ̀ lágbára láti ṣe èròjà tuntun ni, ó sì ń tó bíi wákàtí mẹ́fà kí ipa rẹ̀ tó hàn dáadáa. Nítorí náà wọ́n á tún fa èròjà II, VII, IX àti X tó ti pé sí wọn lára tààrà, yálà èyí tí wọ́n ti yọ pa mọ́ nínú ìgò tàbí omi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà lára ẹlòmíràn tí wọ́n mú kó dì nínú fíríjì.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń gún ọmọ tuntun ní fítámì K?

Èyí tó ń gba ibi ọmọ kọjá láti ara ìyá kéré gan-an, èyí tó wà nínú omi ọyàn náà kò pọ̀, kòkòrò inú ìfun tó ń ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ kò sì tíì débẹ̀. Ọmọ tó sanra tó ń rẹ́rìn-ín lè ṣàdédé da ẹ̀jẹ̀ sí ọpọlọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Abẹ́rẹ́ 1 mílígíráàmù kan ṣoṣo ní itan, ní wákàtí díẹ̀ tí wọ́n bí i, ló ń dènà rẹ̀.

Ojú ẹ̀gbọ́n mi ti di yẹ́lò, ẹ̀jẹ̀ ò sì dá lára wọn. Ṣé fítámì K máa wò ó?

Ó dá lórí ibi tí ìṣòro wà. Bó bá jẹ́ ọ̀nà òróòro ló dí, ìfun ò ní rí òróòro tí yóò fi gba ọ̀rá, fítámì K ò sì ní wọlé. Ẹ̀dọ̀ ṣì lè ṣiṣẹ́, ohun èlò ni kò rí. Bí wọ́n bá gún 10 mílígíráàmù sínú iṣan, INR á ti wálẹ̀ dáadáa kó tó di ọjọ́ kejì. Bó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ló ti le koko, abẹ́rẹ́ yẹn kò ní yí nǹkan padà. Àwọn dókítà máa ń fi èyí mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì.

Àbúrò mi fi wáfárínì ránṣẹ́ sí mi láti Amẹ́ríkà. Àwọ̀ kan náà ni pẹ̀lú tèmi ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣé mo lè lò ó?

Ẹ má fi àwọ̀ mọ̀ ọ́n o. Ní Ìlú Ọba, oògùn tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí òdòdó píǹkì, 5 mílígíráàmù ni. Ní Amẹ́ríkà, píǹkì jẹ́ 1 mílígíráàmù. Búlúù jẹ́ 3 ní Ìlú Ọba, ó jẹ́ 4 ní Amẹ́ríkà. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ ni kí ẹ kà, kí ẹ sì sọ mílígíráàmù fún dókítà, ẹ má sọ pé “píǹkì méjì”.

Ẹnìkan ní wọ́ọ̀dù wa ń lo 3, èmi ń lo 10. Ṣé tèmi ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni?

Kò sí ohun tó kan bí àìsàn ṣe le. Àbùdá ló sábà máa ń fà á. Bí VKOR ṣe pọ̀ tó lára ẹnì kan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń yára pa wáfárínì run. Àwọn èèyàn dúdú sábà máa ń nílò jù àwọn òyìnbó lọ, àwọn ará Éṣíà sì ń nílò kéré jù.

Mo lóyún, mo sì ń lo wáfárínì.

Ẹ pe dókítà yín lónìí, ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníìkì. Wáfárínì ń gba ibi ọmọ kọjá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkejìlá, ó lè ba imú àti egungun ọmọ jẹ́, torí pé egungun náà ní pùrótéènì tí fítámì K ń parí. Hẹ́párínì kì í kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní fáàfù onírin kò gbọdọ̀ dá wáfárínì dúró fúnra rẹ̀.

Àwọn oògùn tuntun wà tí kò nílò INR. Kí ló dé tí wọn ò fún mi?

Àwọn yẹn kò kan fítámì K rárá. Èròjà X tàbí tírọ́ńbìnì ni wọ́n ń dì mú tààrà nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ẹ̀fọ́ ò kàn wọ́n, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀. Fún ẹ̀jẹ̀ tó dì ní ẹsẹ̀, wọ́n dáa, owó wọn ni ìṣòro. Àmọ́ wọ́n ti dán an wò fún àwọn tó ní fáàfù onírin, ẹ̀jẹ̀ dì sí fáàfù, ó sì tún dà ju ti àwọn tó ń lo wáfárínì lọ. Fún àwọn tí ibà tó ń ba oríkèé àti ọkàn jẹ́ láti kékeré ti mú fáàfù wọn fún pọ̀ gan-an, tí ọkàn wọn sì ń lù ségesège, wáfárínì ló ṣì borí nínú ìwádìí tó jáde ní 2022.

Mo gbàgbé láti lo ti alẹ́ àná. Ṣé kí n lo méjì lálẹ́ òní?

Rárá. Ẹ lo ti òní nìkan, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ gbàgbé sínú ìwé INR yín. Àìlò alẹ́ kan kì í hàn lọ́jọ́ kejì. Bí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta sí i ni INR á tó wálẹ̀, dókítà tí kò bá sì mọ̀ pé ẹ gbàgbé lè rò pé oògùn ò tó, kó sì fi kún un.